Sí ọmọ kíláàsì mi tí mo fi ilà ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́

Ọmọ kíláàsì mi àtijọ́,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sí gbangba. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé kí n wá nọ́ńbà rẹ, kí n pè ọ́, kí n sì bẹ̀ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́. Mo rán ọ̀rẹ́ rẹ sí ọ, obìnrin kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa tí ẹ ṣì jọ ń sọ̀rọ̀. Èsì tí o fi rán an padà kò gùn: “Ibi tó ti sọ ọ́ ni kó ti wá bẹ̀bẹ̀.” Òótọ́ lo sọ. Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, n kò wá lè máa yọ́ kẹ́lẹ́ bẹ̀ ọ́. N kò kọ orúkọ rẹ síbí, n kò sì kọ tèmi, nítorí ẹni tó bá rí tèmi á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwọn tó yẹ kó mọ̀ wá mọ̀ wá. Inú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa lórí Wásáàpù ni mo ti kọ́kọ́ fi lẹ́tà yìí síta, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Mo fẹ́ ka ohun tí mo ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn ní “ẹ má bínú sí gbogbo ohun tó ti kọjá” kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ní kí wọ́n má bi òun léèrè ni.

Ọdún 1993 lo dé bá wa ní kíláàsì kejì, nígbà tí àwọn òbí rẹ kó kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn. Gọ̀mbọ́ ló wà lójú rẹ. Ilà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí, tó tẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó sì gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àwọn wẹ́wẹ́ mẹ́ta tún dúró lórí wọn, bàmú sì wà níbi igi imú. Nínú gbogbo kíláàsì wa, kò sí ẹlòmíràn tí ilà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní pélé, a kò sì rí tiwọn sọ.

Ọjọ́ kan, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ àwùjọ ṣí ìwé sí ibi tí àwòrán Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá wà, Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n pa ní oṣù Kínní ọdún 1966. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, gọ̀mbọ́ sì hàn kedere lójú rẹ̀. Èmi ni mo pariwo láti ẹ̀yìn pé “Ẹ wo bàbá rẹ̀!” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó ní kí a dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti pe orúkọ tí àwọn òbí rẹ sọ ọ́ mọ́. Akíntọ́lá là ń pè ọ́ títí a fi jáde ní 1998. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tó wọlé lẹ́yìn wa pàápàá kò mọ̀ pé o ní orúkọ mìíràn. Èmi ni mo gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi náà ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú rẹ sórí pátákó kí o tó wọlé láàárọ̀. Òbìrípo kan, ilà wálawàla níhìn-ín lọ́hùn-ún. O kò fi ẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. O máa ń gbé báàgì rẹ kalẹ̀, wàá lọ sídìí pátákó, wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ nù ún.

Ilà kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ òsì ga ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń dán. Bí oòrùn bá ti mú, ó máa ń yún ọ, wàá máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ rà á. Mo mọ àkókò náà, mo sì máa ń dúró dè é. Mo á ní ológìnní tó ya ọ́ tún ti dé. Nígbà tó yá, o kò rà á mọ́. O máa ń jókòó gbọin, ojú rẹ á pọ́n, nítorí pé o ń pa ìyún náà mọ́ra kí n má baà rí nǹkan sọ. Mo rí i nígbà náà. Mi ò lè sọ pé n kò rí i.

Èyí tó burú jù lọ, bóyá ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin, ìwọ ni wọ́n yàn pé kó ṣojú kíláàsì wa níbi àríyànjiyàn tí ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ bá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀rọ̀ sọ tó ọ nínú wa. Mo tọ̀ ọ́ lọ ní àkókò ìsinmi, n kò sì pariwo lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn: pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kejì kò ní gbọ́ ohun tí o bá sọ, ojú rẹ ni wọ́n máa wò, wọ́n á sì fi ilé ẹ̀kọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì o lọ bá olùkọ́ pé ọ̀fun ń dùn ọ́. Èmi ni wọ́n fi dípò rẹ. Mo sọ̀rọ̀ lórí pèpéle náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ mí sí ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ, ó sì tẹ̀ lé mi dé yunifásítì àti ibi iṣẹ́. Ipò tí mo lé ọ kúrò níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí kí n tó kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ wa.

Bàbá mi kọ pélé. Mẹ́ta kéékèèké tó dúró lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Nílé wa, ẹwà ni wọ́n máa ń kà á sí, nítorí náà n kò fi ilà ojú bàbá mi wé tìrẹ rí. Ìgbà tí mo ti di bàbá ọmọ ni mo tó jókòó tì í, tí mo bi í bí wọ́n ṣe ń kọ ilà. Dípò kó dá mi lóhùn, ó mú mi lọ sí Ọ̀yọ́, sí ilé àgbàlagbà kan tó jẹ́ olóòlà, tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ náà jẹ́ olóòlà. Baba náà ti fi abẹ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé fún mi láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ó ní òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, kí oòrùn tó mú. Obìnrin kan á jókòó sórí ẹní, á gbé ọmọ sáàárín itan, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú gírígírí. Ẹlòmíràn á di ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá mi orí, ilà á wọ́, kò sì sí àtúnṣe, nítorí náà ẹni tó di orí mú ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Pélé kò gba àkókò. Gọ̀mbọ́ ni iṣẹ́, nítorí ó gùn, ó pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Kí àpá tó lè fẹ̀, abẹ kì í kọjá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á gé e, wọ́n á tún padà sójú rẹ̀. Wọ́n á fi òwú nu ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ìdí ìgbín, wọ́n á kán omi rẹ̀ sí i kí ó lè tù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi èédú tí wọ́n ti lọ̀ kúnná pa á, kí ilà lè dúdú. Ìyá ọmọ á máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú náà títí èépá á fi ṣí, á sì máa ṣọ́ ọwọ́ ọmọ kó má baà họ ọ́.

Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní èyí tí kò tíì rìn ló dára jù, nítorí kò ní rántí.

Nígbà náà ni ohun tí o sọ lọ́jọ́ kan ní kíláàsì padà wá sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan bi ọ́ pé kí ló dé tí o jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú rẹ báyìí. O dáhùn pé ìyá bàbá rẹ ló ní kí wọ́n kọ ọ́, kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. A rẹ́rìn-ín sí ìdáhùn náà, bí ẹni pé àwáwí lo ń ṣe. Ọmọ ọwọ́ tí àgbàlagbà méjì dì mú, tí wọ́n fa abẹ lé ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni èmi dàgbà tán tí mo wá ń bi léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Baba olóòlà yẹn pa òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: títa ríro là á kọlà, bó bá jinná tán, a di oge. N kò lè gbé òwe náà mì. Nígbà tí ọgbẹ́ tìrẹ jinná, àwọn tó yẹ kó pè é ní oge ti ń tán lọ, èmi àti àwọn bíi tèmi ló wá kù níwájú rẹ. Títa ríro yẹn nìkan ni wọ́n fún ọ, a kò jẹ́ kí o rí oge.

Bàbá mi sọ fún mi lọ́nà bí a ṣe ń padà bọ̀ pé nígbà èwe òun, ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀bọ̀rọ́ ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní àdúgbò àwọn. Wọ́n á ní kò nílé, wọ́n á ní ojo ni, ó sá fún abẹ. Ilà ni wọ́n fi ń mọ ìdílé àti ìlú ènìyàn, pàápàá láyé ogun, nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ lẹ́rú. Òṣogùn, ìlú Àjàyí Kíráútà tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn yín. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Fírítáùn ní Sàró, àwọn akọ̀wé ibẹ̀ máa ń kọ àpá ojú àti ti ara wọn sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ àti gíga wọn. Ojú bíi tìrẹ ni ìyá fi lè dá ọmọ mọ̀ lọ́jà ẹrú. Ogun tán, ilà kò tètè tán, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ ọ́ ń dín kù lọ́dọọdún. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, abala rẹ̀ kẹrìnlélógún sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ilà sí ara ọmọ mọ́. Ìtanràn rẹ̀ kò ju 5,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Ìlú lápapọ̀ yí ọkàn padà nípa ilà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí abẹ kan náà tí wọ́n ń lò fún ọmọ kan dé òmíràn lè kó wọ ara, àrùn ipá sì ti pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti kọ ilà fún kí ọkàn tó yí padà ṣì wà láàárín wa pẹ̀lú ojú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́kù díẹ̀ ni ẹnu wa ń mú sí i lára wọn. Àwa tí a bí sí ìgbà tuntun rò pé a gbọ́n jù wọ́n lọ, a kò sì béèrè ẹni tó di orí wọn mú.

Nípa ilà tó ga tó sì ń yún ọ, mo lọ bi dókítà awọ ara kan. Ó ní kélọ́ìdì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ọgbẹ́ á jinná tán, ṣùgbọ́n ara kò ní mọ̀ pé ó ti jinná, á ṣì máa ran awọ, títí àpá á fi kọjá ààlà ibi tí abẹ dé. Ó lè máa yún ènìyàn, ó lè máa ta, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rántí pé mo sọ fún ọ nígbà kan pé kí o lọ gé e kúrò kí o dà bí ènìyàn. Dókítà náà ní bí wọ́n bá kàn gé e láìṣe ìtọ́jú mìíràn, ó sábà máa ń padà wá, ó sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń gún sínú àpá náà gan-an, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn, kí ó lè rọ̀ kí ó sì wálẹ̀, kì í ṣe kí ó pòórá. Ní ti gọ̀mbọ́ fúnra rẹ̀, oníṣẹ́ abẹ lè gé ilà tó fẹ̀ kó rán an kó di tínrín, ṣùgbọ́n ilà ṣì ni. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo gbà ọ́ lọ́jọ́ náà kò wúlò fún ohunkóhun, àfi kí o lè lọ sílé lọ wo dígí.

Mo ti gbọ́ táwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé ọmọdé ni wá nígbà náà. Òótọ́ ni pé ọmọdé ni wá. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó jókòó ti ọ̀tún rẹ, ọmọdé ni òun náà, kò sì pe Akíntọ́lá rí. Orúkọ rẹ ló ń pè títí a fi parí. Ó gbọ́ àwàdà tí mo gbọ́, olùkọ́ kan náà ló kọ́ wa, ó yan ohun tó yàn. Èmi náà yan tèmi. Bí mo bá ní ọjọ́ orí ló fà á, kí ni mo fẹ́ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2022?

Ọdún náà ni ẹnì kan fi àwòrán kíláàsì wa àtijọ́ sórí ẹgbẹ́ Wásáàpù. O ti wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà náà, o máa ń kí gbogbo wa lọ́jọ́ ìbí, o sì máa ń bá wọn dá owó bí ẹnì kan bá ń ṣòfò. Ẹnì kan kọ ọ́ pé “Akíntọ́lá mi dà?” Àwọn tó fi àwòrán ẹ̀rín sí i pọ̀. Èmi náà fi sí i. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ló fi ìka rẹ̀ tẹ ẹ̀rín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lo kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Ẹnì kan ní bóyá fóònù rẹ ló bàjẹ́, a sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó rọrùn fún wa.

Mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́ nítorí orúkọ rẹ, nítorí pátákó, nítorí ìyún tí o ń pa mọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ létí ní àkókò ìsinmi, àti nítorí ẹ̀rín 2022. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìwọ àti gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. N kò ní sọ pé kí o gbàgbé, n kò sì ní sọ pé kí o foríjì mí nítorí Ọlọ́run tàbí nítorí ọmọ. Ẹni tí ọgbẹ́ wà lára rẹ̀ ló mọ ìgbà tó jinná.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Mo sọ fún ẹgbẹ́ wa bí mo ṣe gba ipò rẹ níbi àríyànjiyàn, mo sì sọ fún ẹni tó yàn wá nígbà náà, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fun ló ń dùn ọ́, òun kò kàn wádìí ni. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ náà báyìí. Alábòójútó ẹgbẹ́ ti pa àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà rẹ́. Mo pe àwọn tó máa ń pe orúkọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń gbà á padà. Púpọ̀ nínú wọn gbà. Méjì ní mo ń sọ eré di ìjà. N kò tíì jáwọ́ lọ́rọ̀ wọn.

Bí o bá fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan, orúkọ rẹ ni wọn yóò pè ọ́. Bí o kò bá fẹ́, kò sẹ́ni tí yóò wá ọ kiri. Bí o bá sì rò pé ibìkan kù tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ yìí, ìbáà jẹ́ níwájú àwọn òbí rẹ tàbí ẹlòmíràn, mo á wá, ibi yòówù kó jẹ́. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ tí mo rán sí ọ. Mo ti sọ fún un pé kó má fún mi ní tìrẹ.

Èmi ni, ẹni tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ.